Owó Tó Wọ Báǹkì Kì Í Ṣe Ọjà Títà

Láti ìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ọ̀rọ̀ kan ló gba ẹnu àwọn ọlọ́jà ní Ẹdẹ: pé gbogbo owó tó bá ti wọ àkáǹtì èèyàn ni ìjọba yóò kà sí ọjà tó tà, tí yóò sì gba owó orí lórí rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ yìí ni pé kí ẹni tó bá ń fi owó ránṣẹ́ sí wa máa kọ “ẹ̀bùn” sí ìdí rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ti padà sí owó ọwọ́ pátápátá, wọ́n ní báǹkì ti di pàkúté. Taiwo Oyedele, tó ṣe alága ìgbìmọ̀ ààrẹ lórí àtúnṣe owó orí, ti sọ ní gbangba pé ìjọba kò ní máa yọ owó nínú àkáǹtì ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ ọjà.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kì í ṣe ọlọ́jà nìkan ló gbà á gbọ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ owó orí tó ń yẹ ìwé wò gbà á gbọ́ bákan náà. Òṣìṣẹ́ á gba sìtétímẹ́ǹtì báǹkì, á ro gbogbo owó tó wọlé pọ̀, á yọ iye tí ọlọ́jà kọ sílẹ̀ pé òun tà kúrò níbẹ̀, á sì pe ìyókù ní ọjà tí wọ́n fi pamọ́. Ọlọ́jà tó ń sá fún báǹkì àti òṣìṣẹ́ tó ń lé e, ìgbàgbọ́ kan náà ló ń darí àwọn méjèèjì. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, mo sì fẹ́ fi ìṣirò hàn bí kò ṣe tọ̀nà, torí àríwísí lásán kò lè mú un kúrò.

Ọ̀rọ̀ yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní ọdún 2018, nígbà tí Babatunde Fowler ń darí àjọ owó orí ìjọba àpapọ̀, àjọ náà fi àkọsílẹ̀ àwọn báǹkì wá àwọn ilé-iṣẹ́ tí owó tó gba inú àkáǹtì wọn tó bílíọ̀nù kan náírà sókè, tí wọn kò sì san owó orí. Wọ́n kọ̀wé sí báǹkì, báǹkì sì di àkáǹtì mú. Mi ò ní sọ pé gbogbo àwọn tí wọ́n mú ni aláìṣẹ̀, nítorí àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọn kò san kọ́bọ̀ rí. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ lé lórí ni iye owó tó kọjá ní báǹkì, kì í ṣe èrè, kì í tilẹ̀ ṣe ọjà títà. Agbẹjọ́rò kan tí wọ́n di àkáǹtì rẹ̀ mú gbé wọn lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ ní Warri ní 2019, ilé ẹjọ́ sì dá a láre pé wọn kò lè tọwọ́ bọ àkáǹtì rẹ̀ bẹ́ẹ̀ láìtẹ̀lé ìlànà tí òfin là sílẹ̀.

Ti ìlú kékeré yàtọ̀ díẹ̀. Ẹni tó ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣòwò ní Ẹdẹ, ọ̀dọ̀ Àjọ Owó Orí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló ti ń san owó orí èrè rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ṣì máa yẹ̀ wò báyìí, bíi 2023 àti 2024, abẹ́ òfin àtijọ́ ni wọ́n wà. Òfin náà fún òṣìṣẹ́ láṣẹ pé bí ohun tí èèyàn kọ sílẹ̀ kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kí ó fi òye ara rẹ̀ gbé iye kan kalẹ̀. Ó fún ọlọ́jà náà ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti tako o nínú ìwé. Ọ̀rọ̀ “òye” yẹn ni ìjà gbogbo dá lé. Òye yàtọ̀ sí ìyọkúrò kan ṣoṣo tí ẹ̀rọ ìṣirò lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá.

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin kan tó ń ta sìmẹ́ǹtì, irin àti páànù. Mi ò mú un láti inú ìwé ẹnikẹ́ni, èmi ni mo to àwọn iye rẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i jẹ́ irú ohun tí àwa tó ń bá wọn tọ́jú ìwé ń rí. Irú òwò yìí ń rìn dáadáa ní Ẹdẹ. Láti ìgbà tí Pólì Ìjọba Àpapọ̀ ti dé ní 1992, tí Yunifásítì Adeleke àti ti Redeemer sì tẹ̀lé e, ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò gbé kò yéé hù. Ọdún 2023 ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Ó kọ sílẹ̀ pé òun ta ọjà mílíọ̀nù 18.6 náírà, pé òun ra ọjà mílíọ̀nù 17.3, èrè sì jẹ́ mílíọ̀nù 1.3. Báǹkì méjì ló ń lò. Nígbà tí òṣìṣẹ́ ro owó tó wọ méjèèjì pọ̀, ó jẹ́ mílíọ̀nù 41.3. Ó yọ 18.6 kúrò, ó ku 22.7. Ó ní ọjà mílíọ̀nù 22.7 ni baba yìí fi pamọ́, ó sì fi gbogbo rẹ̀ kún èrè.

Kí òṣìṣẹ́ náà tó kọ lẹ́tà, ohun kan wà tó yẹ kó wò. Bí ó bá jẹ́ òótọ́ pé ọjà 41.3 ló tà, tó sì jẹ́ ọjà 17.3 ló rà, a jẹ́ pé nínú náírà kọ̀ọ̀kan tó gbà, kọ́bọ̀ méjìdínlọ́gọ́ta jẹ́ èrè. Ká ní àpò sìmẹ́ǹtì kan jẹ́ ₦5,000, èrè tó jẹ lórí rẹ̀ yóò jẹ́ ₦2,900. Kò sí ẹni tó ń jẹ irú èrè bẹ́ẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì ní Ẹdẹ, kò sì sí i ní ibòmíràn. Náírà ọgọ́rùn-ún mélòó kan ló ń wà lórí àpò, ìdíje sì ń jẹ nínú ìyẹn pàápàá. Tí ìṣirò bá bí èrè tí òwò náà kò lè bí láéláé, ìṣirò ọ̀hún ló ní àléébù. Ìwọ̀n yìí kò gba ìwé kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ìmọ̀ ọjà lásán ló ń fẹ́, ó sì yẹ kó dá òṣìṣẹ́ dúró.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé owó náà. Mílíọ̀nù 6.4 nínú rẹ̀, owó ara rẹ̀ ni ó ń gbé láti báǹkì kan sí èkejì. Àárọ̀ ni owó jáde níbí, àárọ̀ yẹn náà ló wọ ibẹ̀, iye kan náà. Àwọn tiránsífà tó kùnà tí báǹkì dá padà náà wà níbẹ̀. Èyí ló rọrùn jù láti rí, síbẹ̀ òun ni wọ́n máa ń gbójú fò jù, nítorí sìtétímẹ́ǹtì báǹkì kan kì í sọ ohun tó wà nínú ti èkejì. Àfi kí èèyàn tẹ́ méjèèjì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kó máa fi ọjọ́ mú ọjọ́. Mílíọ̀nù 3.7 jẹ́ owó tó yá ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti àjọ tó kó. Owó tí èèyàn yá, yóò dá a padà. Àjọ sì jẹ́ owó ara rẹ̀ tó ti dá sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, tó wá yí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé ẹgbẹ́ àti ìwé alájọ wà, wọn ò sì ṣòro láti mú wá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá le ni oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún náà, mo sì fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí kò sí ọlọ́jà kan nílẹ̀ yìí tí ìwé báǹkì rẹ̀ ti 2023 kò ní ọgbẹ́ àwọn oṣù yẹn lára. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2022, Báǹkì Àpapọ̀ kéde pé wọn yóò yí ₦200, ₦500 àti ₦1,000 padà. Wọ́n ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2023 ni òpin, wọ́n tún sún un sí ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì. Gbogbo owó tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí, nínú àpótí, nínú kóló, ló gba báǹkì lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó di ọjọ́ kẹta oṣù kẹta kí Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tó sọ pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá.

Baba onísìmẹ́ǹtì wa kó mílíọ̀nù 3.1 lọ sí báǹkì ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn oṣù kìíní. Lójú ẹni tó ń ro nọ́ńbà pọ̀, ọjà oṣù kìíní nìyẹn. Baba ní owó ilé ni. Kò yẹ kí wọ́n gbà á lẹ́nu rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí wọ́n kọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ ni pé: nígbà wo ni owó yìí jáde ní báǹkì? Wọ́n ṣí sìtétímẹ́ǹtì 2022, wọ́n sì rí i pé láàárín oṣù kẹsàn-án sí oṣù kejìlá, ó gba mílíọ̀nù 1.9 jáde lówó ọwọ́ láti fi ra ilẹ̀ kan tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà dàrú. Owó yẹn kò wọ báǹkì padà títí 2022 fi parí, ìwé àdéhùn ilẹ̀ tí wọn kò tọwọ́ bọ̀ sì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. A gba 1.9. Mílíọ̀nù 1.2 tó kù, kò sí ohun tó fi í múlẹ̀. Ó lè jẹ́ owó ilé lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ ọjà tí kò kọ sílẹ̀. A fi í sílẹ̀ pé ọjà ni. Èmi kò ní gbèjà ọlọ́jà lórí ohun tí kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀.

Nínú oṣù kejì àti oṣù kẹta, owó ọwọ́ wọ́n bí ojú. Àwọn aráàdúgbò ń fi tiránsífà sí àkáǹtì baba, òun ń fún wọn lówó ọwọ́ tó rí lórí ọjà. Mílíọ̀nù 4.2 ló wọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa, kì í ṣe àánú nìkan ló ṣe. Nínú gbogbo ₦10,000 tó wọlé, ó ń mú bíi ₦1,000, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe nígbà náà. Mílíọ̀nù 3.8 ló fi lé wọn lọ́wọ́, bíi 400,000 ló kù sọ́wọ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù 3.8 yìí kò jẹ́ tirẹ̀ nígbà kankan. 400,000 yẹn jẹ́ èrè pátápátá, ó sì gbọ́dọ̀ san owó orí lórí rẹ̀. Irú ìyàtọ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n ṣe fún gbogbo àwọn ọmọ tó ń ṣe pí-ó-ẹ̀sì lábẹ́ agboòrùn ní gbogbo oríta Ẹdẹ. Lójú báǹkì, ọmọ tó ń ṣe pí-ó-ẹ̀sì lè dà bí olówó ńlá. Ọgọ́rùn-ún ọgọ́rùn-ún náírà tó ń mú lórí owó àwọn ẹlòmíràn ni òwò rẹ̀.

Ó ku owó tó wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ̀gbọ́n baba fi mílíọ̀nù 3.8 ránṣẹ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹrin kó bá òun parí ilé. Baba fẹ́ kí wọ́n yọ gbogbo rẹ̀ kúrò, ó ní owó ilé ẹ̀gbọ́n òun ni. Mílíọ̀nù 2.7 nínú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bíríkìlà, káfíńtà àti oníyẹ̀pẹ̀, àkáǹtì wọn hàn lórí sìtétímẹ́ǹtì, àwòrán ilé tó ń ga díẹ̀díẹ̀ sì wà lórí Wọ́tsáàpù rẹ̀. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì àti irin tí wọ́n lò, ṣọ́ọ̀bù baba fúnra rẹ̀ ló ti jáde, mílíọ̀nù 1.1. Ìyẹn ti di ọjà. Pé ọmọ ìyá ẹni ni oníbàárà kò sọ ọ́ di ẹ̀bùn.

Bí a bá kó gbogbo ohun tí a gbà jọ, 6.4 àti 3.7, 1.9, 3.8 àti 2.7, ó jẹ́ mílíọ̀nù 18.5. Ó ku 22.8 ní báǹkì tó jẹ́ ti òwò.

Ọ̀pọ̀ ọlọ́jà rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ parí sí, pé ìyọkúrò nìkan ni àlàyé. Irọ́ ni. Owó ọjà kan wà tó gbà lówó ọwọ́ tí kò dé báǹkì rárá: ó fi san owó alábàárù, ó fi ra dísù, ó fi jẹun nílé. Nínú ìwé tí ọmọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń kọ lójoojúmọ́, ó tó mílíọ̀nù 1.4. A ní láti fi kún un. Àwọn oníbàárà kan san gbèsè 2022 ní 2023, 900,000. Ọjà ọdún tó kọjá nìyẹn, a yọ ọ́. Àwọn mìíràn gbé ọjà ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá 2023 tí wọn kò tíì san, mílíọ̀nù 1.5. Ọjà 2023 ni, bí owó rẹ̀ kò tilẹ̀ tíì wọlé. A fi kún un. Ìparí rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 24.8.

Nítorí náà, baba yìí kò sọ òótọ́ tán. Ó kọ 18.6, ó yẹ kó kọ 24.8. Mílíọ̀nù 6.2 ló fò. Mi ò ní gbèjà rẹ̀ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n 6.2 kì í ṣe 22.7, ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì sì ni ìyàtọ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù tó ṣì ń ṣí àti èyí tí wọ́n ti tì pa.

Ibi tí àṣìṣe òṣìṣẹ́ ti wá burú jù ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ìwé báǹkì ló kà. Owó tó jáde wà lójú ewé kan náà, ìlà kan sísàlẹ̀. Tí a bá ro gbogbo owó tó san fún dípò sìmẹ́ǹtì àti oníirin pọ̀ ní 2023, ó jẹ́ mílíọ̀nù 22.6, kì í ṣe 17.3 tó kọ sílẹ̀. Baba dín ọjà tó tà kù, ó sì dín èyí tó rà kù kí méjèèjì lè bára mu. Gbogbo ẹni tó ń fi ọjà pamọ́ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, torí tó bá dín ọ̀kan kù láìdín èkejì, èrè rẹ̀ yóò di àwàdà lójú ẹni tó mọ òwò. Ká sọ pé ọjà tó kù ní ṣọ́ọ̀bù ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ọdún kò yàtọ̀ síra, 24.8 dín 22.6 jẹ́ mílíọ̀nù 2.2. Èrè rẹ̀ nìyẹn, kí a tó yọ owó ṣọ́ọ̀bù àti owó iná. 400,000 inú rẹ̀ ni ti owó ọwọ́ oṣù kejì àti oṣù kẹta. Èyí tó kù kò tó kọ́bọ̀ mẹ́jọ nínú náírà kan, irú èrè tí òwò sìmẹ́ǹtì ń mú wá.

Ẹ jẹ́ ká fi owó orí ọdún náà wọ̀n ọ́n. Lábẹ́ òfin àtijọ́, lẹ́yìn ìdẹ̀rùn tí gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí, ìpín méje nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, títí dé ìpín 24. Lórí 1.3 tó kọ sílẹ̀, owó orí rẹ̀ jẹ́ bíi ₦90,000. Lórí 2.2 tó jẹ́ òótọ́, ó jẹ́ bíi ₦216,000. Lórí mílíọ̀nù 24 tí òṣìṣẹ́ pè ní èrè, ó jẹ́ bíi mílíọ̀nù 4.3 náírà, kí wọ́n tó fi owó ìjìyà àti èlé lé e. Ẹ wo iye tó wà láàárín. Èrè baba látìbẹ̀rẹ̀ ọdún dópin kò ju ìdajì mílíọ̀nù 4.3 yẹn àti díẹ̀ lọ. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ kò lè mú owó wá fún ìpínlẹ̀, nítorí owó náà kò sí níbì kankan. Ohun tó ń mú wá ni ìdúnàádúrà lábẹ́lẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi 4.3 dẹ́rù ba èèyàn kó lè san ìdajì mílíọ̀nù láìgba rìsíìtì tó péye. Ìṣirò tí kò tọ̀nà ni ilé tí ẹ̀gúnjẹ ń gbé.

Ohun kan tún tẹ̀lé e. Ní ọdún 2023, ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 25 kò sí lára àwọn tó gbọ́dọ̀ máa gba fáàtì, ìpín 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, fún ìjọba àpapọ̀. Ní 24.8, baba wà lábẹ́ ìlà náà. Ní 41.3, ó ti kọjá rẹ̀ réré. Nọ́ńbà kan tí kò tọ̀nà láti Òṣogbo lè sọ ọ́ di ajigbèsè lọ́dọ̀ àjọ mìíràn tí kò tilẹ̀ rí ìwé rẹ̀.

Ní ti ìmọ̀ràn pé kí a máa kọ “ẹ̀bùn” sí tiránsífà, ẹ̀yin ọlọ́jà, mo bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀. Ẹni tó bá ti yẹ ìwé wò fún ọdún kan péré mọ bí ẹ̀bùn ṣe ń rí. Ẹ̀bùn máa ń jẹ́ 10,000, 20,000, 50,000, láti ọ̀dọ̀ àwọn orúkọ kan náà, ní àsìkò ọdún, ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú. Tí wọ́n bá rí ₦104,000 tí wọ́n kọ “ẹ̀bùn” sí láti ọ̀dọ̀ àjèjì lọ́jọ́ Ajé, tí àpò sìmẹ́ǹtì sì jẹ́ ₦5,200 lọ́sẹ̀ yẹn, ogún àpò ni wọ́n máa kà á sí. Bí wọ́n bá sì ti mú yín nínú ìyẹn lẹ́ẹ̀kan, wọn kò ní gba èyí tó jẹ́ ẹ̀bùn lóòótọ́ gbọ́ mọ́. Bákan náà ni fífi owó ọjà sí àkáǹtì ìyàwó tàbí ti ọmọ tó wà ní Pólì. Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, gbogbo owó inú rẹ̀ ni wọn yóò kà mọ́ yín lọ́rùn, àti owó oúnjẹ ọmọ náà pẹ̀lú, ẹ̀yin ni yóò sì kù fún láti fi ẹ̀rí tú u sílẹ̀. Níwájú ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, ẹni tó bá ní owó tí wọ́n bù fún òun pọ̀ jù ni ẹrù ẹ̀rí wà lọ́rùn rẹ̀. Owó ọwọ́ náà kò gbani. Dípò sìmẹ́ǹtì kì í gba àpò owó ọwọ́ mọ́, báǹkì ni ẹ ó ti san án. Tí ìwé bá fi hàn pé ẹ ra ọjà mílíọ̀nù 22 tí mílíọ̀nù 9 péré sì wọlé, ẹni tó bá ní òye yóò ti ibi ìrà mọ títà.

Mo mọ èsì tí àwọn òṣìṣẹ́ owó orí yóò fọ̀, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó jẹ́ olóòótọ́ láàárín wọn. Wọ́n ní ọlọ́jà kì í kọ ìwé. Pé báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ kí àwọn ṣe é, nígbà tí báǹkì nìkan ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́? Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ kì í kọ ìwé. Mi ò sì sọ pé kí wọ́n má lo báǹkì. Ní ọdún 1935, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ kan ní Amẹ́ríkà gbọ́ ẹjọ́ Gleckman, gbajúmọ̀ oníṣòwò ọtí òfin-kọ̀ ní St. Paul. Òun náà ní owó tó wọ báǹkì nìkan kò lè di ẹ̀rí èrè. Ilé ẹjọ́ gbà pé lóòótọ́ ni, owó tó wọ báǹkì lásán kò fi èrè hàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rí bá wà pé ẹnì kan ní òwò tó ń mówó wá, tí owó sì ń wọlé lemọ́lemọ́ bí owó òwò, ó di ẹ̀rí tó lágbára. Láti ibẹ̀ ni ìlànà wọn ti dàgbà pé olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yọ ohun tí kì í ṣe èrè kúrò: owó tó ti báǹkì kan bọ́ sí èkejì, owó yíyá, owó tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Báǹkì jẹ́ ẹlẹ́rìí rere, ṣùgbọ́n iye àti ọjọ́ nìkan ló lè jẹ́rìí sí. Kò mọ ìdí tí owó fi wá, kò sì tíì sẹ́ni tó bi í.

Èyí kò gba ọdún kan. Baba onísìmẹ́ǹtì wa ní ìlà owó wíwọlé tí kò tó ẹgbẹ̀rún ní gbogbo ọdún, àwọn èyí tó tóbi tó láti yí ìṣirò padà kò sì pọ̀. Ẹni méjì tó jókòó pẹ̀lú sìtétímẹ́ǹtì méjì, ìwé ọmọ ṣọ́ọ̀bù àti ìwé alájọ lè parí rẹ̀ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò yé wọn, bí mílíọ̀nù 1.2 yẹn kò ṣe yé wa. Ohun tí kò bá yé wọn lẹ́yìn ìwádìí ni kí wọ́n pè ní ọjà tí a kò kọ, kí wọ́n sì yọ owó tí wọ́n fi rà á kúrò kí wọ́n tó pe ìyókù ní èrè.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ àjọ owó orí ní Òṣogbo kò ju èyí lọ: lẹ́tà tí wọ́n bá kọ sí ọlọ́jà Ẹdẹ kan kò gbọdọ̀ gbé àròpọ̀ kan ṣoṣo wá mọ́. Kí ó to àwọn ìlà tí wọ́n ń béèrè nípa wọn síwájú rẹ̀, ọjọ́, iye àti báǹkì, kí ó sì fi èrè tí ìṣirò wọn bí wé irú èrè tí òwò bẹ́ẹ̀ ń mú wá. Kí wọ́n kọ ọ́ ní èdè tí ọlọ́jà ń sọ, kí ọgbọ̀n ọjọ́ tí òfin fún un láti dáhùn máa kà láti ọjọ́ tí àkójọ àwọn ìlà náà bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Kí ọlọ́jà náà, láti òní, ya àkáǹtì òwò sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé, kó sì máa kọ ìdí gbogbo owó ńlá sínú ìwé lọ́jọ́ tó bá wọlé, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù ẹni tó fi ránṣẹ́, torí ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni òfin gbà kí wọ́n padà sí, kò sì sí ẹni tó lè rántí ìdí tiránsífà ₦740,000 kan lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.